Pọ́dà Kiriatíìnì àti Kíndìnrín: Ta Ló Lè Lò Ó, Ta Ni Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn Án?

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹyẹrúnkà, èmi nọ́ọ̀sì yín ni mo tún dé.

Ohùn kan ń lọ káàkiri lórí fóònù wa láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Obìnrin kan ló ń sọ nínú rẹ̀ pé pọ́dà funfun tí àwọn ọmọ wa ń pò mu nítorí irin tí wọ́n ń gbé ní jíìmù ti ba kíndìnrín ọmọ àbúrò òun jẹ́, pé kí gbogbo ìyá lọ da ti ọmọ tirẹ̀ nù. Ọ̀pọ̀ yín ló fi ránṣẹ́ sí mi, tí ẹ ń bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé òótọ́ ni?"

Ìdáhùn mi rèé. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá, tí kò lò ju ìwọ̀n lọ, a ò rí ẹ̀rí pé pọ́dà náà ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án, àfi tí dókítà tó ń tọ́jú kíndìnrín rẹ̀ bá ní kó lò ó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ ẹni tí òun jẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

*Kí ni pọ́dà náà gan-an?*

Kiriatíìnì ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe májèlé. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín sì wà lára àwọn tó ń ṣe é. A tún ń rí i jẹ nínú ẹran àti ẹja. Inú iṣan ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń ran ara lọ́wọ́ nígbà tí a bá fẹ́ lo agbára lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ gbé àpò elùbọ́ nílẹ̀, tàbí tó ń fi ẹrù gun òkè Màpó.

Tí ẹ bá ra kílò kan ẹran màlúù tútù, kiriatíìnì tó wà nínú rẹ̀ tó bíi gíráàmù 4 sí 5. Ṣíbí kékeré tí wọ́n ń fi sínú agolo pọ́dà náà sábà máa ń gba gíráàmù 5. Ẹ rí i báyìí pé ẹni tó bu ṣíbí kan mu, bí ẹni tó jẹ kílò ẹran kan ni lọ́rọ̀ ti kiriatíìnì. Gíráàmù 3 sí 5 lóòjọ́ ni ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ sábà máa ń lò. Àwọn ọmọ kan máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 20 lóòjọ́ fún ọjọ́ 5 sí 7, kí iṣan lè tètè kún. Kò pọn dandan. Ẹni tó ń mu gíráàmù 3 lóòjọ́, iṣan rẹ̀ á kún bákan náà láàárín bí ọ̀sẹ̀ 4.

*Igi àti eérú*

Ẹ jẹ́ kí n fi ààrò ṣe àpèjúwe, torí ibi tí gbogbo àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Kiriatíìnì dà bí igi ìdáná. Lójoojúmọ́, yálà a ṣiṣẹ́ ni o tàbí a sùn, díẹ̀ nínú èyí tó wà nínú iṣan máa ń di eérú, kò tó 2 nínú 100. Eérú yẹn ni wọ́n ń pè ní kiriatiníìnì. Orúkọ àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni igi, èkejì ni eérú. Iṣẹ́ kíndìnrín ni láti kó eérú yìí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kó dà á sínú ìtọ̀.

Nígbà tí dókítà bá ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín, eérú tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ ni láàbù máa ń wọ̀n. Tó bá pọ̀, a máa ń sọ pé ẹni tó ń kó eérú ti ń káàárẹ̀. Ọ̀nà yẹn dára, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: tí ìyálé bá kó igi púpọ̀ sẹ́nu ààrò, ṣé eérú ò ní pọ̀ ni? Ẹni tó ń kó eérú lè má jókòó láti àárọ̀, síbẹ̀ eérú á wà nílẹ̀ ju ti àná lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń mu pọ́dà kiriatíìnì nìyẹn. Nọ́ńbà tó wà nínú èsì àyẹ̀wò lè gòkè díẹ̀, kí kíndìnrín má sì ní àbùkù kankan.

Kì í ṣe pọ́dà nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣan rẹ̀ tóbi ní eérú ju ẹni tó tín-ínrín lọ. Ẹran sísè náà ń ṣe é, torí iná máa ń sọ díẹ̀ nínú igi inú ẹran di eérú láti inú ìkòkò. Ẹni tó jẹ ẹran rẹpẹtẹ níbi ìnáwó lálẹ́, tó lọ ṣe àyẹ̀wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ńbà rẹ̀ lè ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Nítorí èyí, nọ́ńbà kan náà kì í sọ ohun kan náà fún ènìyàn méjì. Ká ní láàbù kọ 1.3 fún ọmọkùnrin ẹni ọdún 24 kan, tó tún kọ 1.3 fún ìyá àgbà ẹni ọdún 72. Tí dókítà bá fi ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ṣe ìṣirò rẹ̀, iṣẹ́ kíndìnrín ọmọkùnrin yẹn á jáde sí bíi 79, ti ìyá àgbà á sì jáde sí bíi 44. Tí ìṣirò yìí bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn kíndìnrín ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, tí ẹ bá gba èsì, ẹ bèèrè ìṣirò yẹn lọ́wọ́ dókítà, ẹ má wo nọ́ńbà eérú nìkan. Ẹ tún kíyè sí i pé àwọn láàbù kan ń lo òṣùwọ̀n mìíràn, tí 1.0 á fi di 88. Kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn.

*Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe*

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Ní bí ọdún 6 sẹ́yìn, awakọ̀ kan tó jẹ́ ẹni ọdún 41 mú èsì àyẹ̀wò rẹ̀ wá bá mi. Eérú rẹ̀ jẹ́ 2.1. Ìyàwó rẹ̀ tètè sọ fún mi pé láti oṣù 3 ni ọkọ òun ti ń mu pọ́dà tí wọ́n fi ń gbé irin. Inú mi dùn pé mo ti rí ọ̀daràn. Mo ní, "Ẹ lọ da pọ́dà yẹn nù, ẹ máa mu omi dáadáa." N kò wọn ìfúnpá rẹ̀. N kò gba ìtọ̀ rẹ̀. N kò dá ọjọ́ fún un kó padà wá.

Oṣù 8 lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e padà dé, ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ ń já. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 210 lórí 120. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kíndìnrín méjèèjì ti sún kì. Kíndìnrín kì í sún kì bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù 3. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti fi ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Pọ́dà kọ́ ló ba kíndìnrín ọkùnrin yẹn jẹ́, ṣùgbọ́n pọ́dà ni kò jẹ́ kí n wo ohun tó ń bà á jẹ́. Ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ sí. Tí mo bá ti ti ṣíríìpù kan péré bọ inú ìtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, à bá ti mú àìsàn náà ní oṣù 8 ṣáájú.

Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ pọ́dà fún mi, kíndìnrín ni mo kọ́kọ́ ń wò, mi ò kí ń wo agolo.

*Bàbá àti ọmọ, agolo kan náà*

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan tó ń ta elùbọ́ ní Ọjà'ba gbé agolo pọ́dà kan dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 24, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì ní kó ṣe àyẹ̀wò. Eérú rẹ̀ jẹ́ 1.5. Ẹni tó fún un ní èsì sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń lọ. Ìyá yìí kò sùn mọ́jú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí nìyí."

Mo ní, "Ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹ pè é wá."

Ọmọ náà dé, ó fi dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ara rẹ̀ le, èjìká rẹ̀ gbòòrò. Mo wọn ìfúnpá rẹ̀, ó jẹ́ 118 lórí 74. Mo ti ṣíríìpù bọ ìtọ̀ rẹ̀, kò sí purotéènì, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ṣúgà. Mo bi í léèrè, ó ní ṣíbí kan lóòjọ́ ni òun ń mu láti oṣù 4, àti pé òun gbé irin lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò náà, òun sì jẹ ẹran lẹ́yìn rẹ̀. Ohun 3 tó ń gbé eérú sókè ló kó jọ sójú kan náà: pọ́dà, irin àti ẹran.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi gba ìtọ̀. Kíndìnrín tó dá a dà bí asẹ́ tí kò ya. Purotéènì tóbi, kì í sábà gba ojú asẹ́ náà kọjá. Tí a bá ń rí i nínú ìtọ̀ léraléra, asẹ́ ti ń ya nìyẹn. Pọ́dà kiriatíìnì kì í gbé purotéènì sínú ìtọ̀. Ó lè da nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ rú, kò lè da ti ìtọ̀ rú. Ìdí nìyẹn tí ṣíríìpù yẹn fi ṣeyebíye lójú mi.

Mo ní kó dá pọ́dà náà dúró fún ọ̀sẹ̀ 4, torí ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí iṣan tó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo ní kó má gbé irin fún ọjọ́ 2 ṣáájú àyẹ̀wò, kó má sì jẹ ẹran ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Láàbù kan náà ni mo ní kó padà lọ. Nígbà tí èsì jáde, 1.5 ti di 1.1. Ìṣirò iṣẹ́ kíndìnrín rẹ̀ tó jẹ́ bíi 66 tẹ́lẹ̀ ti di bíi 96. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún ayọ̀. Kíndìnrín ọmọ náà kò ṣàìsàn rí. Igi ló pọ̀ lẹ́nu ààrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá parí sí nìyẹn. Àmọ́ bí ìyá náà ti ń palẹ̀ mọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá wọn ti ń yọ mí lẹ́nu o, pé kí n má tíì da agolo náà nù. Àwọn náà ń bù ú mu láràárọ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn kò lágbára bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́."

Mo ní kí ó bá mi pe bàbá wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n, télọ̀ ni wọ́n ní Bẹyẹrúnkà. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ìgbà tí orí bá ń fọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀. Láti ọdún mélòó kan ni wọ́n sì ti ń lo oògùn ìrora fún orúnkún, èyí tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ọjà. Ìfúnpá wọn jẹ́ 168 lórí 102. Purotéènì inú ìtọ̀ wọn jẹ́ àmì 2. Eérú inú ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 1.9.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, agolo kan náà, ṣíbí kan náà. Gbogbo ilé ti ṣe tán láti sọ pé pọ́dà ló fà á, pé bó ti rí fún ọmọ náà ni yóò rí fún bàbá. Àwa náà dá pọ́dà wọn dúró, a sì tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. 1.9 di 1.8 péré. Ìṣirò iṣẹ́ kíndìnrín wọn jáde sí bíi 43. Purotéènì ṣì wà níbẹ̀, bó ṣe wà ló wà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ igi tó pọ̀ lẹ́nu ààrò. Ẹni tó ń kó eérú ló ń ṣàìsàn.

Mo kọ ìwé fún wọn lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́. Wọ́n yí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn padà, wọ́n gba oògùn ìrora yẹn lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní pọ́dà di èèwọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò báyìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, bí orí ń fọ́ bí orí ò fọ́. Nígbà tí mo rí wọn kẹ́yìn, ìfúnpá wọn jẹ́ 132 lórí 80, eérú wọn kò sì kúrò ní 1.8. Kíndìnrín tó ti bàjẹ́ kò padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n èyí tó kù dúró.

*Níbo ni ẹ̀rù yìí ti wá?*

Lọ́dún 1998, àwọn dókítà méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan. Wọ́n sọ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 25 kan tó ń mu kiriatíìnì, tí nọ́ńbà kíndìnrín rẹ̀ burú sí i, tó sì padà bọ̀ sípò nígbà tó dá a dúró. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tàn ká gbogbo ayé pé kiriatíìnì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà dé ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ní àìsàn kíndìnrín fún ọdún 8 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún, ó sì wà lórí oògùn líle tí òun fúnra rẹ̀ lè ni kíndìnrín lára. Ohun mìíràn tún ni pé eérú yẹn náà ni wọ́n fi wọn kíndìnrín rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti Bùràsíìlì. Lọ́dún 2010, àwọn oníwádìí níbẹ̀ kọ nípa ọmọkùnrin ẹni ọdún 20 kan tó jẹ́ pé kíndìnrín kan ṣoṣo ló ní. Ó mu gíráàmù 20 lóòjọ́ fún ọjọ́ 5, lẹ́yìn náà gíráàmù 5 lóòjọ́ fún 30 ọjọ́. Eérú inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gòkè láti 1.03 sí 1.27. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà yẹn nìkan la wò, a ó ní kíndìnrín kan ṣoṣo tó ní ti ń lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fi ọ̀nà mìíràn wọ̀n ọ́n: wọ́n fi abẹ́rẹ́ fún un ní nǹkan tí kì í ṣe ti ara, wọ́n sì wo bí kíndìnrín ṣe yára kó o jáde tó. Iṣẹ́ kíndìnrín rẹ̀ kò yí padà rárá. Eérú ló gòkè, ẹni tó ń kó o kò káàárẹ̀.

Mo kìlọ̀ o: ènìyàn kan ni ìyẹn, oṣù kan lé díẹ̀ sì ni. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹni tó ní kíndìnrín kan lọ máa bu pọ́dà mu. Ohun tó fi hàn wá ni pé nọ́ńbà náà lè tàn wá jẹ.

*Kí ló dé tí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn fi gbọ́dọ̀ yàgò fún un?*

Kì í ṣe torí pé a ti rí ẹ̀rí pé ó ń pa wọ́n. Ìdí méjì ló wà.

Àkọ́kọ́, eérú yẹn ni dókítà fi ń ṣọ́ àìsàn náà. Òun ló fi ń mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́, bóyá kí òun dín oògùn kan kù, bóyá ó ti tó àkókò láti máa palẹ̀ mọ́ fún ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Tí aláìsàn bá ń kó igi sẹ́nu ààrò ní ìkọ̀kọ̀, dókítà kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti àìsàn àti èyí tó jẹ́ ti pọ́dà. Ó lè yí oògùn tó dára padà lásán. Èyí tó tún burú jù ni pé kí àìsàn máa gòkè, kí gbogbo wa sì máa sọ pé, "Pọ́dà ni, á sọ̀ kalẹ̀."

Èkejì, ara àwọn tó ní ìlera ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí náà. Ti àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ kéré gan-an. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ṣẹ́kù ìdajì kò ní èyí tó lè fi dán nǹkan wò.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wá nílẹ̀ Yorùbá ju bí a ti rò lọ. Irú àìsàn tí ọ̀dọ́mọkùnrin 1998 yẹn ní, tí ojú asẹ́ kíndìnrín máa ń le bí àpá, wà lára àwọn àìsàn tí àbùdá kan tí à ń jogún máa ń mú rọrùn láti ní. Lọ́dún 2010 ni àwọn onímọ̀ rí àbùdá náà, ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà níbí ní Ìbàdàn fún iṣẹ́ àgbáyé kan sì wà lára ohun tó fi hàn wọ́n pé ó pọ̀ láàárín wa. Àbùdá yìí ló ń gbà wá lọ́wọ́ irú àìsàn sunrunsunrun kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti lọ́dọ̀ bàbá, kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ewu ju ti ẹlòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ tó ní i kì í ṣàìsàn rárá. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan nínú ẹbí yín bá ti lo ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ rí, tàbí tí kíndìnrín pa á láìdàgbà, kí ọmọ ilé yẹn má bu ṣíbí kankan kó tó ṣe àyẹ̀wò.

*Kí la ó ṣe báyìí?*

Tí ọmọ yín bá fẹ́ lo pọ́dà náà, ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣe nǹkan 3 yìí kó tó bẹ̀rẹ̀: kó wọn ìfúnpá, kó ti ṣíríìpù bọ ìtọ̀, kó ṣe àyẹ̀wò eérú inú ẹ̀jẹ̀. Kó tọ́jú èsì náà. Tí wọ́n bá ní eérú rẹ̀ ga lọ́jọ́ iwájú, èyí tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni dókítà yóò fi wé e. Kó sì máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé òun ń mu kiriatíìnì. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣì rú dókítà lójú, àyẹ̀wò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní sisitatíìnì. Iṣan àti pọ́dà kì í da ìyẹn rú bíi ti eérú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é, owó rẹ̀ sì ga díẹ̀.

Kó wo ara agolo kó tó rà á. Kiriatíìnì nìkan ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, kó sì ní nọ́ńbà Náfúdáàkì. Àwọn kan máa ń po nǹkan mìíràn mọ́ ọn tó ń mú àyà já tó sì ń gbé ìfúnpá sókè. Nǹkan mìíràn yẹn ni mo ń bẹ̀rù ju kiriatíìnì fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin àgbà tí wọ́n sọ fún pé ó ń fún ẹsẹ̀ lágbára, òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Ó lè ran iṣan àgbàlagbà lọ́wọ́, tí àgbàlagbà náà bá ń ṣe eré ìdárayá tó ń lo agbára pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ń mu ún tó jókòó sójú kan kò ní rí ohun kan gbòógì. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti lé ní 50 ọdún la ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ jù, àwọn méjèèjì yìí ló sì ń ba ọ̀pọ̀ kíndìnrín jẹ́. Nítorí náà, àyẹ̀wò 3 yẹn di dandan fún wa. Tí purotéènì bá wà nínú ìtọ̀, tí ìṣirò bá wà lábẹ́ 60, tàbí tí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún yín rí, ẹ gbàgbé pọ́dà. Aláboyún náà, ẹ jẹ́ kó fi sílẹ̀.

Ẹ má sì dúró de àmì àìsàn. Ìtọ̀ tó ń hó bí ọṣẹ tí kò sì tètè rọlẹ̀, ojú tó ń wú láàárọ̀, ẹsẹ̀ tó ń wú nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó yọjú. Télọ̀ wa kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ṣíríìpù ló mú un.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ bi mí lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ pé, "Nọ́ọ̀sì, agolo yìí ńkọ́, ṣé kí n dà á nù?" Mo ní, "Ẹ gbé e fún ọmọ yín, òun ló ni ín. Ẹ kàn gbé e síbi tí ọwọ́ bàbá wọn kò ti ní tó o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ìfúnpá, ẹ mọ ibi tí ẹ ti lè rí mi ní òwúrọ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, pàápàá àwọn tó ti gbọ́ ohùn ọjọ́sí yẹn.

Èmi ni nọ́ọ̀sì yín. Ó dìgbà kan ná o.